i.e., e.g. àti ìkékúrú orúkọ nínú mẹ́mò ímeèlì: ìfiwéra fún ẹni tó ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì Àbújá

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àbújá mọ̀ pé mẹ́mò kì í dúró sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ kọ ọ́ sí dáírẹ́kítọ̀ kan láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn akáǹtì, ó ti gba ọ̀dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ọ́fíìsì kọjá, ẹnì kan sì ti gé ìpínrọ̀ kẹrin nìkan nínú rẹ̀, ó ti fi ránṣẹ́ sí agbaṣẹ́ṣe kan ní Kano. Ohun méjì ló sábà máa ń dàrú lójú ọ̀nà yìí. Àkọ́kọ́ ni i.e. àti e.g., tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkejì ni ìkékúrú orúkọ àjọ àti ti ìwé, tí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ àmọ́ tí ẹni tó gbà á kò mọ̀. Mo fẹ́ gbé àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀ síwájú yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mú èyí tó bá mẹ́mò yín mu.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Mẹ́ta péré ni. Èkínní, ṣé ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni òǹkàwé lè rí níbẹ̀, àbí ẹni méjì lè kà á kí kálukú sì lọ ṣe ohun tó yàtọ̀? Èkejì, bí ẹnì kan bá gé ìpínrọ̀ kan yọ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ṣé ìpínrọ̀ náà á ṣì yé ẹni náà? Ẹ̀kẹta, kí ló ń ná wa: àkókò ẹni tó ń kọ, àkókò ẹni tó ń kà, àti ààyè lójú fóònù, nítorí inú ọkọ̀ láti Kubwa tàbí Lugbe ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ka mẹ́mò wọn láàárọ̀.

Èkínní ni mo gbé lé orí jù. Mẹ́mò tó fi ìlà méjì gùn ju bó ṣe yẹ lọ kò tíì pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí ẹni méjì kà sí ọ̀nà méjì ló ń dá ìjà sílẹ̀, pàápàá bí owó bá wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́mò kan ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka tó ń rí sí ríra ọjà àti gbígbé iṣẹ́ síta ló kọ ọ́ sí àwọn ẹ̀ka yòókù, kí wọ́n lè sọ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ohun tí wọ́n máa mú wá. Gẹ̀ẹ́sì ni irú mẹ́mò bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́, àmọ́ Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ síbí, mo kàn fi àwọn ìkékúrú náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ wọ́n:

"Kí agbaṣẹ́ṣe kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀rí hàn pé òun ti san gbogbo ohun tí òfin ní kí òun san (i.e. PenCom, ITF, NSITF) kó tó di ọjọ́ Jímọ̀."

PenCom ni àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, ITF ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, NSITF sì ń rí sí owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo nìyí. Ó mọ́ lójú, kò gùn, àmọ́ wàhálà tó wà nínú rẹ̀ pọ̀.

Ọ̀nà kìíní: i.e.

Ọ̀rọ̀ Látìn méjì ni wọ́n gé kúrú, id est. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sọ, kó lè túbọ̀ ṣe kedere. Nítorí náà, ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ìkankan má ju ìkejì lọ. Bí ẹ bá kọ i.e. PenCom, ITF, NSITF, ohun tí ẹ sọ ni pé mẹ́ta yìí ni gbogbo rẹ̀, kò ku ẹyọ kan.

Ṣé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí lóòótọ́? Rárá. Ìwé ẹ̀rí owó orí kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí tẹ́ńdà ìjọba tí wọn kì í ti í bèèrè rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n bá dá ìwé rẹ̀ padà nítorí owó orí lè na mẹ́mò yẹn sí wa, kó ní: "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ báyìí, ẹ̀yin lẹ ní mẹ́ta ni." Kò sì ní jẹ̀bi.

Ìṣòro mìíràn tún fara pa mọ́ síbẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 kò fi dandan mú ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 15. Agbaṣẹ́ṣe kékeré tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ kò nílò ìwé PenCom. Àmọ́ i.e. yẹn ti pa á láṣẹ pé kó mú un wá, torí "gbogbo ohun tí òfin ní kí ó san" ti di àwọn mẹ́ta yẹn. Ìkékúrú lẹ́tà méjì ti fi nǹkan kan sílẹ̀, ó sì ti fi nǹkan mìíràn kún un.

Kí wá ni i.e. dára fún? Ó dára níbi tí ohun kan ṣoṣo bá wà tí ẹ fẹ́ sọ ní pàtó: "ọjọ́ tí tẹ́ńdà máa tì (i.e. ọjọ́ Jímọ̀, aago 12 ọ̀sán)". Níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa bèèrè bóyá ọjọ́ mìíràn ṣì kù.

Ọ̀nà kejì: e.g.

Látìn ni èyí náà, exempli gratia. Àpẹẹrẹ ló ń mú wá, kò sì ṣèlérí pé òun ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Bí a bá fi e.g. rọ́pò i.e. nínú mẹ́mò wa, a ti gba ara wa lọ́wọ́ irọ́, àmọ́ a ti sọ òǹkàwé sínú òkùnkùn. Agbaṣẹ́ṣe rí orúkọ mẹ́ta, wọ́n sì sọ fún un pé àpẹẹrẹ ni. Mélòó ló kù? Ta ló máa bi? Èyí tó bá jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ á pe fóònù ọ́fíìsì yín. Èyí tí kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́ á mú méjì wá, á ní àpẹẹrẹ náà ni òun tẹ̀ lé.

Ẹ fi èyí dán ara yín wò bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ máa lò: ẹ fi "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ" sí ìparí ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Bí gbólóhùn náà bá ṣì jẹ́ òótọ́, e.g. lẹ ń wá. Bó bá di irọ́, i.e. ni. Lẹ́yìn ìdánwò yìí, ẹ pa "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ" náà rẹ́. Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ torí ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ e.g. ní ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tún wá fi etc. sí ìparí. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe, ọ̀kan ti tó. Èyí tó burú jù ni kí i.e. bẹ̀rẹ̀ kí etc. sì parí rẹ̀: ẹ ní gbogbo rẹ̀ nìyí, ẹ tún ní ó ṣì kù.

Ibi tí mo ti máa ń fi ọkàn balẹ̀ lo e.g. ni ibi tí ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ ti yé èèyàn láìsí àpẹẹrẹ, tí àpẹẹrẹ kàn wà láti mú un rọrùn: "ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí wá (e.g. páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdìbò)". Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mọ̀ pé tòun náà wọlé. Ẹ wo bó ṣe máa rí ká ní i.e. lẹ kọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè tó ń tẹ̀ lé ìwé á dá a padà, kò sì sí ẹni tó lè bá ẹ̀ṣọ́ náà wí.

Ní ti bí a ṣe ń tẹ̀ wọ́n, kò gùn. Dọ́ọ̀tì méjì ni fún ìkọ̀ọ̀kan, i.e láìsí dọ́ọ̀tì ìparí ni mo ń rí jù, kò sì tọ̀nà nínú ìlànà èyíkéyìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi kọ́mà tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ará Bìrìtìkó kì í fi sí i, àwọn mìíràn láàárín wọn tilẹ̀ máa ń yọ dọ́ọ̀tì méjèèjì kúrò. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má yí i padà títí mẹ́mò fi parí. Ìwé ìlànà `Chicago` àti ti `APA` fẹ́ kí wọ́n wà nínú àkámọ́, kí gbólóhùn gidi lo ọ̀rọ̀ tó kún, mo sì fara mọ́ wọn. Kí ẹ sì ṣọ́ fóònù yín: nígbà tó bá rí dọ́ọ̀tì, ó lè rò pé gbólóhùn ti parí, á sọ lẹ́tà tó tẹ̀ lé e di lẹ́tà ńlá.

Àwọn àgbà inú iṣẹ́ ìjọba ṣì ń lo viz., tó jẹ́ Látìn bákan náà, tí wọ́n fi ń ṣáájú àkọsílẹ̀ tó pé. Ó tọ̀nà gan-an níbi tí ẹ bá fẹ́ ka gbogbo nǹkan sílẹ̀. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nísinsìnyí kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta: ọ̀rọ̀ tó kún

Dípò ìkékúrú Látìn, ẹ kọ `that is` tàbí `for example` tán pátápátá. Ohun tó ń ná yín kò ju lẹ́tà mélòó kan lọ. Èrè rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń ṣi méjèèjì mú fún ara wọn. Ẹni tó máa ń kọ i.e. nígbà tó ní e.g. lọ́kàn kì í ṣèèṣì kọ `that is` nígbà tó fẹ́ mú àpẹẹrẹ wá. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni etí rẹ̀ ń gbọ́ ọ.

Ìdí kejì ni àwọn tí kì í fi ojú kàwé. Ìjọba Bìrìtìkó ní kí àwọn tó ń kọ̀wé sí `GOV.UK` má lo eg àti ie mọ́, ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè fún àwọn tí kò ríran dáadáa lè pe eg bí ẹni pé `egg` ni, ìyẹn ẹyin adìyẹ. Ní ọ́fíìsì tiwa, kò dìgbà tó bá jẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀gá tó ní kí akọ̀wé òun ka mẹ́mò sí òun létí nínú ọkọ̀ pọ̀, àwọn tó sì ń ka i.e. sókè kì í pè é bákan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tó kún kò ti ràn wá lọ́wọ́ ni mẹ́mò tẹ́ńdà wa. Bí ẹ bá kọ "bí àpẹẹrẹ PenCom, ITF, NSITF", ó ti yé gbogbo èèyàn pé àpẹẹrẹ ni, àmọ́ agbaṣẹ́ṣe ò tíì mọ ohun tó máa mú wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkékúrú ló fa èyí. Àkọsílẹ̀ náà ni kò pé.

Ọ̀nà kẹrin: kí ẹ kà wọ́n sílẹ̀ ní ìlà-ìlà

Bí ẹnì kan bá máa pàdánù iṣẹ́ tàbí owó nítorí ohun tó wà nínú àkámọ́, ohun náà kò yẹ kó wà nínú àkámọ́ rárá. Bí mo ṣe máa tún ìpínrọ̀ wa kọ nìyí. Ẹ rántí pé nínú mẹ́mò iṣẹ́ ìjọba, ìpínrọ̀ kìíní kì í ní nọ́ńbà. Láti orí ìkejì ni a ti ń fi nọ́ńbà sí i:

2. Ìwé márùn-ún ni agbaṣẹ́ṣe máa fi ránṣẹ́ kó tó di aago 12 ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀:

(a) ìwé ẹ̀rí owó orí ti ọdún mẹ́ta tó kọjá;

(b) ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ `Bureau of Public Procurement (BPP)`;

(d) ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ `National Pension Commission (PenCom)`, bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ;

(e) ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ `Industrial Training Fund (ITF)`, bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó márùn-ún, tàbí bí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó ₦50 mílíọ̀nù;

(ẹ) ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ `Nigeria Social Insurance Trust Fund (NSITF)`.

Ó gùn, mi ò jiyàn. Ìlà kan ti di mẹ́fà. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: nígbà tí a jókòó láti kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a tó rí i pé méjì kò sí nínú ti àkọ́kọ́, tí méjì sì ní àdéhùn tí àkámọ́ kò lè gbé. Nọ́ńbà "márùn-ún" tó wà lókè náà ṣe pàtàkì. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa ìlà kan rẹ́ nígbà tó ń dà á kọ sínú ímeèlì tirẹ̀, ẹni tó bá gbà á á kà á, á rí mẹ́rin, á sì bèèrè ìkarùn-ún.

Ìkékúrú orúkọ: ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, àbí ká má gé e kúrú rárá?

Ẹ ti rí i pé mo kọ orúkọ àjọ kọ̀ọ̀kan tán lókè kí n tó fi ìkékúrú rẹ̀ sínú àkámọ́. Ìlànà tó gbajúmọ̀ jù nìyẹn: ní ìgbà àkọ́kọ́, orúkọ tó kún, lẹ́yìn náà ìkékúrú nínú àkámọ́, láti ibẹ̀ lọ, ìkékúrú nìkan. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló wà.

Kí a fi ìkékúrú sílẹ̀ láìtú u ló rọrùn jù, inú ọ́fíìsì kan náà ló sì ti wúlò. Kò sí ìdí láti túmọ̀ FCT fún ẹni tó ń gbé ní Wuse. NIN àti VAT náà ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo wa (bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì ń rí "nọ́ńbà NIN" nínú mẹ́mò, bí ẹni pé lẹ́tà N tó kẹ́yìn kò ti sọ pé nọ́ńbà ni). Ibi tó ti ń ya wèrè ni ibi tí ìkékúrú kan bá ní olówó méjì. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà ní Àbújá níbí: NCC ni `Nigerian Communications Commission`, àwọn tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ fóònù, NCC náà sì ni `Nigerian Copyright Commission`, àwọn tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ̀wé, tó kọrin tàbí tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ rò ó wò pé mẹ́mò yín dá lórí ètò kan tí wọ́n fẹ́ máa lò lórí fóònù, ẹ sì kọ ọ́ pé "kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí NCC". Méjèèjì ló bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ẹni tó ń gbé ìwé káàkiri á gbé e lọ sí èyí tí òun mọ̀, tí orúkọ rẹ̀ hàn jù, wọ́n á bá a fi òǹtẹ̀ lù ú pé àwọn gbà á, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó ṣìnà títí èsì kò fi ní dé.

Irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n bọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí òfin ọdún 2019 yí orúkọ wọn padà sí `Nigerian Correctional Service`. Lẹ́tà ńlá orúkọ tuntun náà ì bá jẹ́ NCS, tí ojú gbogbo èèyàn ti mọ̀ mọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, `Nigeria Customs Service`. NCoS ni wọ́n wá ń kọ. Ẹ má fi lẹ́tà o kékeré yẹn ṣeré nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Òun ló ya ẹlẹ́wọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù tó wọlé láti òkè òkun.

Kí a kọ ọ́ tán ní ìgbà àkọ́kọ́ ni mo máa mú fún mẹ́mò tó bá máa jáde kúrò ní ẹ̀ka yín. Àmọ́ ímeèlì ní ìṣòro tí ìwé kò ní: níbo ni "ìgbà àkọ́kọ́" wà gan-an? Bí ẹ bá ti tú ìkékúrú kan nínú ímeèlì ọjọ́ Ajé, tí ẹ wá ń fèsì ní Ọjọ́bọ̀, ti ọjọ́ Ajé ti wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ èsì ẹni mẹ́fà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un kò ní yí i sísàlẹ̀. Nítorí náà, ímeèlì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìlà àkọlé kò sì ka sí ìgbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá lo ìkékúrú níbẹ̀ torí ààyè, ẹ tún un kọ tán nínú ìpínrọ̀ kìíní. Fáìlì tí ẹ so mọ́ ímeèlì náà ń dá rìn. Ẹ tú u níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kan wà tó ń so ìdajì kìíní ọ̀rọ̀ wa mọ́ ìdajì kejì, òun ló sì máa ń gbé èèyàn ṣubú. Bí ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ kan máa fara hàn bá jẹ́ inú àkámọ́ i.e. tàbí e.g., ẹ máa ní àkámọ́ nínú àkámọ́, báyìí:

```
(e.g. Industrial Training Fund (ITF))
```

Kò tíì di èèwọ̀, àmọ́ bó bá jẹ́ àjọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ojú òǹkàwé á ṣú, ẹ̀yin gan-an á sì gbàgbé láti pa ọ̀kan lára àwọn àkámọ́ náà dé. Ẹ kàn fa àkọsílẹ̀ náà jáde kúrò nínú àkámọ́, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tó kún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà kẹrin fi tún ìṣòro méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí a má gé e kúrú rárá ni ọ̀nà tí èèyàn kì í ronú kàn. `APA` ní bí ẹ kò bá ní lo ìkékúrú náà tó ìgbà mẹ́ta nínú ìwé, kí ẹ má dá a sílẹ̀. Ti `Chicago` le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà márùn-ún ni. Mẹ́mò tí kò ju ojú ìwé kan lọ kì í sábà dárúkọ àjọ kan tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bó ṣe kún, lẹ́yìn náà kí ẹ máa pè é ní "àjọ náà". Bí àjọ kan ṣoṣo bá wà nínú mẹ́mò, èyí rọ òǹkàwé lọ́rùn ju lẹ́tà mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lọ.

Àwọn ìkékúrú ilé rẹ́jísítírì tún jẹ́ ọ̀tọ̀: KIV, BU, UFS. Orí fáìlì ni wọ́n ti wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wúlò. BU, bí àpẹẹrẹ, ń sọ pé kí wọ́n tún gbé fáìlì náà padà wá tó bá yá. Àgùnbánirọ̀ kan tí wọ́n gbé wá sí ẹ̀ka kan tí mo mọ̀ gba ímeèlì tó parí pẹ̀lú "KIV". Ó wá inú kọ́bọ́ọ̀dù fún fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí, kó tó lọ bá ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọ́ rẹ́jísítírì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni fáìlì KIV wà?"

"Fáìlì kẹ̀? Wọ́n ní kó o ṣì tọ́jú ìwé náà sítòsí ni, wọ́n á tún padà bèèrè rẹ̀."

Bí ẹ bá máa fi UFS sórí mẹ́mò tó ń gba ọwọ́ ọ̀gá kan dé ọwọ́ ọ̀gá mìíràn, kò burú, wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà ìwé. Bí ímeèlì bá ń lọ síta, ẹ yọ gbogbo wọn kúrò.

Àtòkọ ìkékúrú lókè tàbí nísàlẹ̀ mẹ́mò, mi ò rí ìwúlò rẹ̀ fún ohun tí kò tó ojú ìwé mẹ́wàá. Ìjábọ̀ ọdọọdún ló yẹ.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí àwọn tí ẹ jọ wà ní ẹ̀ka kan náà, tí kò sí owó tàbí gbèdéke nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ lo i.e. àti e.g. nínú àkámọ́ bí ó ṣe wù yín, kí ẹ sì fi ìkékúrú tí gbogbo yín mọ̀ sílẹ̀ láìtú u. Kẹ́ ẹ ṣáà ti fi "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ" dán an wò kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Bí mẹ́mò bá máa gba ẹ̀ka mẹ́ta mẹ́rin kọjá, tàbí tí ẹ mọ̀ pé ọ̀gá yín máa fi ránṣẹ́ síwájú láìfi nǹkan kan kún un, ọ̀rọ̀ tó kún ni kẹ́ ẹ lò dípò Látìn, kí ẹ sì tú gbogbo ìkékúrú lẹ́ẹ̀kan nínú ímeèlì náà. Akọ̀wé tó ń kọ fún ọ̀gá tó máa ní kí wọ́n ka mẹ́mò sóun létí, inú ìsọ̀rí yìí náà ni.

Bó bá jẹ́ tẹ́ńdà, ìdánwò ìgbaniwọlé sẹ́nu iṣẹ́, tàbí ohunkóhun tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì yín, ẹ kà á sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sókè, kí i.e. àti e.g. má sì sí níbẹ̀ rárá.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kan NCC méjèèjì nínú mẹ́mò kan ṣoṣo, kó má gé ìkankan kúrú. Kó pe ọ̀kan ní àjọ tó ń ṣàkóso fóònù, kó pe èkejì ní àjọ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, lẹ́yìn tó bá ti kọ orúkọ méjèèjì tán lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àdírẹ́sì tí wọ́n máa gbé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lọ.